Ìtàn Tí Mo Sọ Níbi Ìgbéyàwó Ọ̀rẹ́ Mi

Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń wàásù, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí wọ́n gbé máìkì fún mi tí ọ̀rọ̀ wọ́n mi lẹ́nu. Bí ẹ bá fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú, mo lè lò ó tán kí n tún tọrọ márùn-ún sí i. Àwọn tí à ń jọ́sìn pọ̀ ní Calgary níbí yóò jẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi pè mí pé òun fẹ́ gbéyàwó ní oṣù kẹjọ, pé èmi ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, àti pé ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni n ó fi sọ̀rọ̀ kí gbogbo ilé tó gbé ife sókè fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn. Mo ń kọ ọ́, mo ń ya á dànù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó le níbẹ̀. Nílé wa ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá ti gé àkàrà òyìnbó tán, tí adarí ètò ti pe lẹ́tà orúkọ Jésù lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọ̀bẹ tó wọlé, wọn a ní kí ẹnì kan wá ṣe tósìtì. Ẹni náà a gbàdúrà díẹ̀, a gbé ife sókè, ó parí. Alága àpèjẹ ló ni ọ̀rọ̀ gígùn. Àwọn ará Kánádà kò rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni wọ́n ń dúró dè látìgbà tí wọ́n ti wọ gbọ̀ngàn. Wọ́n sì ń retí pé kó sọ ìtàn kan tí yóò ti ọkọ ìyàwó lójú, tí gbogbo ènìyàn yóò fi rẹ́rìn-ín, kí ó tó wá gbé ife. (Búrẹ́dì yíyan ni tósìtì ń jẹ́ gan-an. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a máa ti búrẹ́dì yíyan olóòórùn dídùn bọ inú wáìnì kó lè dùn. Nígbà tó yá, orúkọ búrẹ́dì wá di orúkọ ẹni tí wọ́n ń mu ún fún.)

Àwọn tí yóò wá síbi ìgbéyàwó yìí pín sí méjì. Ìdajì jẹ́ àwọn bàbá àti ìyá wa pẹ̀lú aṣọ ẹbí wọn, ìdajì kejì jẹ́ àwọn òyìnbó, àwọn ará Filipíìnì àti àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń bá ọkọ àti ìyàwó ṣiṣẹ́. Màmá ọkọ ìyàwó kò rí físà gbà. Ìbàdàn ni wọn yóò wà, lórí fóònù. Bí aago bá lu mẹ́jọ alẹ́ ní Calgary nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago mẹ́ta òru ni ní Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn kò ní sùn.

Ìtàn tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ dùn, kí n má purọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti lé lógójì ọdún kó tó gbéyàwó, ó sì ní arábìnrin kan tó fi ẹnu ìfẹ́ kọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Bí arábìnrin náà ṣe dá a lóhùn, àti ibi tó ti dá a lóhùn, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò ní rẹ́rìn-ín. Mo kà á sókè fún ìyàwó mi ní kíṣínì, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣa ẹ̀fọ́ náà tán, wọ́n wá ní, "Dádì, lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin yẹn, orúkọ obìnrin mìíràn lẹ fẹ́ kó gbọ́ lórí máìkì?"

Mo ní, "Mi ò ní dárúkọ."

Wọ́n ní, "Kò ní béèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

Mo ya bébà yẹn.

Èmi tí mo ti ń fi àpẹẹrẹ sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ láti ọjọ́ yìí, mi ò rò ó dé ibẹ̀. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín àwàdà àti yẹ̀yẹ́. Tí mo bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, èmi àti àwọn tó ń gbọ́ la jùmọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ìwọ nìkan lo dá dúró ní apá kejì. Tí mo bá bá ọ ṣe àwàdà, ìwọ gan-an lò ń rẹ́rìn-ín jù. Ìtàn arábìnrin yẹn kò lè mú ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, nítorí ó dùn ún nígbà náà. Bí ó bá tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ kò ní lè bá a rẹ́rìn-ín. Ìtìjú tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí wọ́n kọ̀. Ohun tí mo ń wá ni ìtàn tí ìtìjú inú rẹ̀ ti inú ìwà rere wá, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ojú bá ń tì í lọ́wọ́, àwọn àna rẹ̀ á tún máa fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Nígbà tí mo rò ó bẹ́ẹ̀, kò sí ìtàn mìíràn mọ́ àfi ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ilé gbígbé kan náà la wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Calgary, ṣùgbọ́n a kò tíì mọra. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni, kò sì tíì ní ọkọ̀. Ẹ̀yìn ilé náà la máa ń gbé ọkọ̀ sí, òpó kékeré kan sì wà níwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lára. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má mọ ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣe lẹ́bàá ọkọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù. Otútù ibí ló fà á. Nígbà tó bá mú dé ìwọ̀n 30 sí ìsàlẹ̀ òdo, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì a ki bí ọbẹ̀ tó ti sùn, bátìrì náà a sì rẹ̀, kò ní lágbára láti yí i. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú ẹ́ńjìnnì tó ń mú omi inú rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, wáyà rẹ̀ a sì yọ jáde níwájú ọkọ̀ bí ahọ́n. Tó bá di alẹ́, ẹ ó ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ara òpó. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ilẹ̀ tó mọ́ ti tó o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í ṣírò rẹ̀, a kàn máa ń kì í bọ̀ ọ́ títí di àárọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí otútù mú gidigidi, arákùnrin yìí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ó rí ọkọ̀ méje tí wọ́n so mọ́ iná. Ẹ rántí ilé tó ti wá. Láti kékeré ni màmá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹnikẹ́ni kì í sùn kó má yọ gbogbo nǹkan kúrò lójú iná, nítorí bí NEPA bá mú iná dé lójijì pẹ̀lú agbára, tẹlifíṣọ̀n á jó, fíríìjì á jó, ilé pàápàá lè jó. Ọkọ̀ méje, ẹ̀yin ará! Ó ní àánú wa ṣe òun. Ó ní òun rò ó pé ó ti rẹ àwọn èèyàn wọ̀nyí, wọ́n ti gbàgbé. Ó yọ púlọ́ọ̀gì méjèèje. Kò tilẹ̀ jù wọ́n sílẹ̀. Ó ká wáyà kọ̀ọ̀kan dáadáa, ó fi kọ́ ara dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀.

Aago méje àárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ wà ní wọ́ọ̀dù. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ sọ pé "kẹ̀", ó dákẹ́. Mo gbọ́ "kẹ̀" mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo tún gbọ́ òmíràn. Kó tó di aago mẹ́fà, àwa méje la dúró sínú òkùnkùn tí à ń wo ara wa, tí a ń wo wáyà tí wọ́n ká bí ẹ̀bùn Kérésìmesì. Ẹnì kan ní àwọn ọmọ ìta ló ṣe é. Ẹnì kan ti fẹ́ pe ọlọ́pàá.

Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti yọ láti ilé. Ó wọ kóòtù kan lé òmíràn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kí gbogbo wa. Ó wá ní òun ni o, òun ló bá wa yọ ọ́ lálẹ́ àná, ká má ṣe ìyọnu, kò sí ohun tó jó.

Ó ń retí kí a dúpẹ́.

Bí ẹ bá rí ojú rẹ̀ nígbà tí bàbá òyìnbó tó ń gbé òkè kejì ṣàlàyé ohun tí wáyà náà wà fún! Mi ò tíì rí ẹni tí gbogbo ara rẹ̀ ti lójú bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò sá. Ó padà sókè, ó gbé ìkòkò Bọ́ńfítà gbígbóná sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ife oríṣiríṣi. Ó bá wa dúró, ó ń di wáyà tí a fi ń gba agbára láti inú bátìrì kan sí òmíràn mú, láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, títí ó fi lé ní aago mẹ́wàá. Ibọ̀wọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ibọ̀wọ́ olùtọ́jú èrò ọ̀nà ọ̀run. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì rí i pé orí ìka rẹ̀ ti funfun, ó sì ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo mú un wọlé mi, mo ti ọwọ́ rẹ̀ bọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe gbígbóná o, mi ò sì jẹ́ kó fi ọwọ́ ra á. (Bí otútù bá jẹ ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ má ra á, ẹ má sì nà án sí iná.) Bí ọwọ́ náà ṣe ń jí ló ń ta á, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ mí nítorí ọkọ̀ mi. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti di ọ̀rẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn náà pé fún mi ni èyí: títí ọyẹ́ ọdún yẹn fi kọjá, ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ óò rí i ní ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń yẹ wáyà ọkọ̀ gbogbo wa wò bóyá ó wọlé dáadáa.

Mo pè é lórí fóònù kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí yóò sọ ìtàn ẹlòmíràn lórí máìkì, kí ó kọ́kọ́ bi í. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ti ẹni tí wọn kò sanwó fún lọ́jọ́ yẹn." Òótọ́ ni, ọ̀kan nínú wa pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi sì ń san án fún un díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ti fún mi láyè báyìí láti kọ ọ́ síhìn-ín. Lọ́jọ́ náà, mo pa á mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá yẹn ni ì bá yìn ín jù. Òun ló ni ìtàn.

Iṣẹ́ tó kù ni èdè. Bí mo bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo tún túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìṣẹ́jú mẹ́rin á di mẹ́jọ, ọbẹ̀ á tutù. Mo kà á sókè pẹ̀lú aago fóònù mi, mo rí i pé nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́rin gbà, bí mo bá fi àyè ẹ̀rín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣàkíyèsí ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Kánádà kò nílò kí n ṣàlàyé wáyà iwájú ọkọ̀ fún wọn, ohun tí wọn kò mọ̀ ni NEPA. Àwọn tiwa kò nílò àlàyé NEPA rárá, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ti Nàìjíríà wá fún ìgbéyàwó kò mọ ohun tí ọkọ̀ ń wá lára iná. Ìdajì ilé mọ ìdajì ìtàn. Gbólóhùn kan péré ni mo fi ṣàlàyé fún apá kọ̀ọ̀kan, mo sì fi méjèèjì síwájú, kí ọkọ̀ méje tó wọlé. Àlàyé tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀rín, iná ti kú ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ màmá rẹ̀, Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, nítorí màmá ń gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà kí n tó gba máìkì, pẹ̀lú súùtù lọ́rùn. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe dé orí ọkọ̀ méje, ẹ̀rín ti apá òsì wá, níbi tí àwọn ará Kánádà jókòó sí, nítorí wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ̀. Bí mo ṣe sọ pé "Ẹ yọ ọ́ lójú iná," apá ọ̀tún gbà á, ìyá kan tilẹ̀ pariwo pé, "Ó gbọ́n!" Ìgbà tí mo dé ibi tó ti ń retí kí a dúpẹ́, gbogbo ilé ló pa pọ̀. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ti fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyàwó rẹ̀ ń nu ojú, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn ìka yẹn gan-an.

Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2024, otútù mú ní Alberta débi pé iná mànàmáná fẹ́ẹ̀ má tó gbogbo wa. Ìkìlọ̀ pàjáwìrì dún lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ pé ká dín iná kù kíá, ká má sì tíì ki wáyà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí ọ̀rẹ́ mi fi kọ̀wé ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i?" Mo sọ fún gbogbo ilé pé ìjọba Alberta pàápàá ti wá gba ẹ̀kọ́ màmá tó wà ní Ìbàdàn.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni ife. Mo ní kí gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n dìde, mo wo ọwọ́ wọn, òfìfo ni. Kò sí ẹni tó ti bu omi èso àjàrà sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó bá adarí ètò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ife ti kún kí òun tó gba máìkì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta la fi dúró tí àwọn ọmọ ń sáré kiri pẹ̀lú ìgò. Kí àyè má baà ṣófo, àbúrò ọkọ ìyàwó gbé fóònù súnmọ́ máìkì, ó ní kí màmá sọ̀rọ̀.

Ohùn wọn jáde, ó ń ké díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọn èèyàn yẹn ti dárí jì ọ́?"

Bàbá òyìnbó ti òkè kejì ọjọ́sí wà níbẹ̀. Ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí i létí. Ó gbé ife rẹ̀ tó ṣì ṣófo sókè, ó kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni, láti ọjọ́ Bọ́ńfítà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ èyí tí mo ti há sórí: "Ẹ bá mi gbé ife sókè fún ọkọ àti ìyàwó. Kí Olúwa jẹ́ kí ilé wọn máa lọ́wọ́ọ́wọ́. Kí ẹnì kan nínú wọn má ṣe sùn lálẹ́ kó má tíì yẹ èkejì wò." Apá òsì gbá ife pọ̀, apá ọ̀tún ṣe àmín tó mì gbọ̀ngàn.

Nígbà tó fẹ́ di aago kan òru, tí à ń kó ìkòkò sínú ọkọ̀, mo padà lọ mú búbá mi tí mo gbàgbé. Ọkọ ìyàwó wà lẹ́yìn tábìlì ńlá, ó ti ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ púlọ́ọ̀gì àwọn iná ọ̀ṣọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú gáùn, ó ń bá a ká wáyà.